Àárín Ẹja

Mo rántí ìgbà tí mo ń wá bí ọjọ́ orí mi ṣe máa dínkù. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ti gboyè, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, síbẹ̀ inú yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré nílé bàbá mi ní Ìkòródù ni mo ṣì ń sùn. Ní ìdájí ni bàbá mi ti ń de táì lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Àílàǹdì. Èmi á jí ní aago mẹ́wàá, màá wá búrẹ́dì. Bí mo bá ṣí fìríìjì, ìyá mi á ní, "Àgbàlagbà bíi tìẹ!" Bí mo bá wọ bàtà pé mo fẹ́ jáde, á tún ní, "Ta lo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ ọmọdé yìí?" Lójúmọ́ kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ méjèèjì.

Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀lẹ náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Mo fi sáà kan kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé aládàáni kan ní Ìtamága, mo ta káàdì ìpè ní ibùdókọ̀ Agric, mo tún bá wọn jókòó ti kọ̀ǹpútà ní sáíbà kafé. Lọ́jọ́ Ajé, oníròyìn ni mo fẹ́ jẹ́. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo ti ń palẹ̀ mọ́ lọ sí Kánádà lọ́kàn mi. Bàbá mi ò yé sọ pé nígbà tóun wà ní ọjọ́ orí mi, òun ti níṣẹ́, òun ti láya, òun ti bímọ méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láyé tiwọn, ilé iṣẹ́ ló ń wá akẹ́kọ̀ọ́jáde wá sínú ọgbà yunifásítì. Láyé tiwa, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ ti sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di méje, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí àwọn máa gbà kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, kó sì ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta. Àfi kéèyàn ti máa ṣiṣẹ́ báǹkì láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ báǹkì kan jáde, mo pinnu láti ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe: kí n lọ sí kọ́ọ̀tù, kí àgbà kan tó mọ ìgbà tí wọ́n bí mi bá mi búra sí ìwé ọjọ́ orí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Nígbà tí mo bẹ bàbá mi pé kó wá búra, ó lé mi jáde ní pálọ̀. Ni mo bá gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀, Àlíájà tó ń ta ẹja ọ̀sà. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ìwé ọjọ́ orí ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi búra sí. Iye ọdún tí mo fẹ́ kọ síbẹ̀ ni mi ò sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, apẹja tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, bá àwọn àgbà jókòó, nítorí òun ni Bàbá Ìbejì. Orí ẹja bọ́ sí i lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jẹun, wọ́n sì fún mi ní ìrù. Inú bí mi burúkú. Mo pariwo pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fún mi ní ìrù, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí o!"

Ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé Kùránì. Akọ̀wé béèrè pé, "Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni?" Mo tètè dáhùn pé, "Mẹ́rìnlélógún, sà."

"Àsítáfírùlàhí!" Ìyá Àgbà fa ọwọ́ kúrò lórí Kùránì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. "Ọkọ mi, ṣebí o pariwo méjìdínlọ́gbọ̀n lé wa lórí lánàá nítorí ìrù ẹja?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan. Báǹkì lọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo rò pé ẹnu ọ̀nà ayé mi ti tì pa nìyẹn.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ò bá mi wí. Wọ́n pe Bàbá Ìbejì pé kó wá bá mi jẹun, òun náà sì rọra bi mí bóyá mo lè kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà, nítorí ẹja ọ̀sà ò tó nǹkan mọ́. Ìyá Àgbà gé ẹja sí mẹ́ta, wọ́n fi orí sọ́tọ̀, wọ́n fi ìrù sọ́tọ̀, wọ́n sì gbé àárín síwájú àwa méjèèjì. "Ẹ kì í ṣe ọmọdé, ẹ ò sì tíì dàgbà tán," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ èyí ná."

Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí èmi àti Bàbá Ìbejì dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló ń bọ́ mi títí dòní. Ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Kò níṣẹ́ gidi, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sì ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lánàá, ẹnu ń yún mi láti sọ fún un pé, "Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ..." Mo rántí ọjọ́ orí náà dáadáa. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bu àárín ẹja fún un.