Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nítorí Ojú Mummy Ṣàgámù

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé ẹbí wa láwọn ọdún yẹn, mo sì ń fi í yangàn. Ọwọ́ mi ni gbogbo ilé ti ń béèrè ọjọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí nǹkan bàjẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè nàka sí.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo kọ́kọ́ mú fún ìpéjọ àwọn ọmọ Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tí a gbà ní Ìkòsì. Mo ti ránṣẹ́ káàkiri tán kí n tó rántí pé ọjọ́ ìmọ́tótó ni, ọjọ́ tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo bá mú un bọ̀ sí Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, mo sì ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ṣàgámù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Mummy Ṣàgámù, fóònù wọn kò lọ. Mo ní màá tún pè tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, mo gbàgbé.

A pàdé, a jẹun, a ya fọ́tò, a sì ń sọ pé bóyá ara Mummy Ṣàgámù kò yá ni. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà wá sọ fún wa pé ìyá kan dé pẹ̀lú kúlà oúnjẹ méjì, wọ́n bá géètì ní títì, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì wọkọ̀ padà. Wọn kò yà sílé wa, bẹ́ẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò gbé ìpè mi mọ́. Ojú tì mí débi pé mo sọ fún ìyá mi pé nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Irọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò ńlá náà dé nínú férémù, Màmá àgbà, tí ogbó ti ń mú kí wọ́n máa gbàgbé nǹkan, fi ìka ka àwọn ọmọ wọn. Márùn-ún ni wọ́n bí, márààrún ló sì wà láyé, àmọ́ mẹ́rin ni wọ́n rí. Wọ́n wò mí lójú.

"Ta ló yọ àkọ́bí mi kúrò?"

Mo ní kò sẹ́ni tó yọ wọ́n. Wọ́n ní kí n má gbé e kọ́, pé ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà láàyè kì í gbé mẹ́rin kọ́ ògiri. Bí férémù náà ṣe di ohun tó kojú sí ògiri lẹ́yìn àga nìyẹn, tí mo sì ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láràárọ̀.

Mo lọ bá fọtogíráfà tó yà wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Small thing. Ẹ mú fọ́tò wọn kan wá. Màá gé orí wọn, màá gbé e lé ara ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Fọ́tò ọjọ́ ìbí Mummy Ṣàgámù kan wà nílé. Mo ti fà á yọ nínú álíbọ́ọ̀mù nígbà tí ìyá mi, tó ti gbọ́ ohun tí fọtogíráfà wí, bá mi níbẹ̀.

"O ti sọ fún wọn?"

"Rárá, Mummy. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é ná."

"O ò pè wọ́n síbẹ̀ lójú ayé, o wá fẹ́ gbé wọn síbẹ̀ láìsọ fún wọn. Ṣé o rò pé inú wọn máa dùn?"

Inú bí mi, torí òótọ́ ni. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya bébà dànù, nítorí mo ń gbìyànjú láti tọrọ ojú wọn láìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, kò sì ṣeé ṣe. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kà báyìí:

"Mummy mi, mo dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo yí ọjọ́ padà tí n kò sọ fún yín. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, mo gbàgbé ni. N kò tíì lè sọ fún Màmá àgbà. Wọn kò jẹ́ ká gbé fọ́tò náà kọ́ torí pé ẹ ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí wọ́n fi ojú yín kún un. Fọ́tò ọjọ́ ìbí yín ni a fẹ́ lò. Ara tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa dúró sí, torí ibẹ̀ ni àyè wà. Tí ẹ bá ní ká má ṣe é, a ò ní ṣe é."

Mo fi í lé awakọ̀ Ṣàgámù kan tó mọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní gáréèjì Kétu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Mo ti gbà pé wọn kò ní dáhùn láé nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wa ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday, nínú aṣọ kan náà tí wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn wọ̀ wá bá géètì títì. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde kíákíá.

"Mo gbà kí ẹ fi ojú mi sí i," ni wọ́n wí. "Àmọ́ mi ò yá ara ẹnikẹ́ni. Mo ní tèmi. Àti pé èmi, àkọ́bí, kí n dúró sẹ́yìn? Níbo lẹ ti rí i?"

A jọ lọ sí Kétu. Fọtogíráfà fẹ́ yà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tún yí ọkàn padà nígbà tó wo fọ́tò ẹbí lójú kọ̀ǹpútà. Oòrùn ọ̀sán ló mọ́lẹ̀ sí wa lójú lọ́jọ́ ìpéjọ náà, láti apá òsì. Iná kámẹ́rà kò lè bá a dọ́gba. Ó gbé àga síta, ó ń yí i títí òjìji imú wọn fi ṣubú síbi tí ti àwọn yòókù ṣubú sí. Ó lo jíjìnnà kan náà, ó sì gbé kámẹ́rà sí gíga kan náà. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn tún gèlè wọn ṣe.

Iṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló pẹ́. Ó gé wọn jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń fa máòsì yí etí gèlè wọn ká. Bó ṣe kọ́kọ́ gbé wọn wọlé, orí wọn tóbi ju ti gbogbo ilé lọ. Ó dín in kù títí ó fi bá ti ìyá mi mu. Ó mú àwọ̀ ojú wọn gbóná díẹ̀, ó sì rọ etí ibi tó gé kó má dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi ìjókòó ló kù. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó tẹ̀lé wọn, ló jókòó lápá ọ̀tún Màmá, ní àyè àkọ́bí.

"Sún un," ni Mummy Ṣàgámù wí.

"Mummy, tí mo bá sún wọn, ihò máa wà lẹ́yìn wọn."

"Dí ihò náà. Àbúrò mi ni, kò ní bínú."

Ó gé àbúrò wọn náà pẹ̀lú àga, ó sún un síta, ó wá ń mú koríko àti ògiri láti ẹ̀gbẹ́ dí ojú ibẹ̀. Ó kun òjìji sábẹ́ àga tuntun náà. Mummy Ṣàgámù wò ó pẹ́, wọ́n wá fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Ibẹ̀ ni mo ti mí kanlẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò tuntun jáde, àwa méjèèjì la gbé e lọ fún Màmá àgbà. Wọ́n tún ka àwọn ọmọ wọn. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó dé márùn-ún. Ara tù mí. Wọ́n wá gbójú sókè sí àkọ́bí wọn.

"Àṣé o wá lọ́jọ́ náà?"

Mo wo Mummy Ṣàgámù.

"Mo wá, Màmá," ni Mummy Ṣàgámù dáhùn, wọn kò sì wo ọ̀dọ̀ mi rárá.