Ẹgbẹ̀ta Tíkẹ́ẹ̀tì, àti Ọ̀kan tí Yamila Tì

Ọjọ́ kan náà ni Yamila Berrutti àti Ciro Larrosa wọ ilé iṣẹ́ wa ní Montevideo. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, omi ń kán láti etí aṣọ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn méjèèjì, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ti jáde. Èmi ni mo fi àga hàn wọ́n. Wilmar ni orúkọ mi; iṣẹ́ tèmi ni láti máa dán ohun tí àwọn tó ń kọ kóòdù bá ṣe wò kó tó jáde. Lóṣù àkọ́kọ́, igbá mate kan ṣoṣo, ewé tí a ń fi omi gbígbóná rẹ mu nílẹ̀ wa, ni àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń mu. Mo rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ètò tí ilé iṣẹ́ wa ń tà ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìgbèríko fi ń fún aláìsàn ní ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà lo oṣù mẹ́ta, Mabel Pintos, ọ̀gá wa, pín iṣẹ́ tuntun. Ó ní kí Ciro kọ èyí tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù aláìsàn tó bá ti ku ọ̀la kí ó rí dókítà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Yamila.

“Ìwọ, bá mi wo inú tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn. Èyí tó bá ti kú, tì í. Èyí tó bá ṣì ní ẹ̀mí, fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Mélòó ni wọ́n, mà?”

“Mi ò mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀ mọ.”

Tíkẹ́ẹ̀tì ni à ń pe ìwé kúkúrú tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn bá kọ sí wa pé nǹkan kan bàjẹ́, tàbí pé nǹkan kan wù ú kó wà. Yamila ṣí ibẹ̀, ó tò wọ́n láti orí èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ìgbà tó pẹ́ jù. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínlógún ló bá. Èyí tó dàgbà jù ti pé ọdún méje. Ìdajì àwọn tí wọ́n yan iṣẹ́ náà fún kò sí ní ilé iṣẹ́ wa mọ́. Ẹnì kan nínú wọn ti lọ ń sin oyin ní ìlú Minas.

Ó jókòó, ó ń wo Ciro láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Wọ́n ti gbé ojú kọ̀ǹpútà kejì sórí tábìlì Ciro. Mabel fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Yamila sọ fún mi nígbà tó yá pé ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan kan wọ inú òun tí kò jáde mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kóòdù tí Ciro bá kọ, kì í ṣe láti kọ́gbọ́n, bí kò ṣe láti wá àṣìṣe. Tó bá rí ọ̀kan, ara rẹ̀ a yá gágá títí di ìrọ̀lẹ́. Tí kò bá rí, oúnjẹ ọ̀sán kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀. Bí Mabel bá gbé igbá mate rẹ̀ fún Ciro kó tó gbé e fún un, yóò rántí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ciro kò mọ̀. Ọmọ aláwàdà ni. Láàárọ̀, bó bá ti ń kọjá:

“Olùṣọ́ itẹ́ òkú, ṣé àwọn ènìyàn rẹ sùn dáadáa?”

“Wọ́n sùn. Àyè ìwọ náà ṣì wà níbẹ̀.”

Gbogbo wa a rẹ́rìn-ín. Yamila náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni.

Síbẹ̀, ó mọ iṣẹ́ ṣe. Ó kọ́kọ́ kó àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà jọ. Mọ́kàndínláàádọ́rin ló jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń ráhùn lé lórí; ó so gbogbo wọn mọ́ èyí tó ṣáájú, ó ti ìyókù, ó sì kọ ibi tí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà yóò lọ. Lẹ́yìn náà ló mú àwọn tó jẹ́ ti ètò wa àtijọ́, èyí tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń lò ó mọ́, ìyẹn rọrùn. Àwọn tó jẹ́ ìfẹ́ ọkàn lásán, bíi ti dókítà kan tó fẹ́ kí àwọ̀ ìwé òun jẹ́ ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Peñarol, ó fi ẹ̀bẹ̀ kọ̀ wọ́n.

Àwọn tó ń sọ pé nǹkan bàjẹ́ ló le. Fún wọn, ó ṣe òfin kan, Mabel sì fọwọ́ sí i: bí ọdún méjì bá ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí a bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá ìṣòro náà ṣì wà. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí kò dáhùn, kí a tì í. Títì kì í ṣe píparẹ́. Ẹni tó ni ín lè padà ṣí i. Ṣùgbọ́n bí a bá dán an wò lórí ẹ̀rọ wa tí ìṣòro náà sì jáde, kò gbọdọ̀ di títì, bí ó tilẹ̀ pé ogún ọdún.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí Nélida Techera kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Akọ̀wé ni Nélida ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Treinta y Tres. Ó ní bí dókítà bá sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, nígbà mìíràn orúkọ aláìsàn máa ń wà ní ọjọ́ méjì. Ẹnì kan nínú wa ti dáhùn nígbà náà pé òun dán an wò, òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Yamila bi Nélida léèrè bó ṣe bi àwọn yòókù. Bí ó ti ń dúró, ó dán an wò. Ó sún dókítà kan láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó fẹ́ kúrò níbẹ̀, ló bá rò ó pé dókítà ìgbèríko kì í sún ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún sún un láti Ọjọ́bọ̀ sí Ẹtì lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn náà wà ní Ẹtì, ó sì ṣì wà ní Ọjọ́bọ̀. Ètò wa kò rántí ju ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ: bí a bá sún un lẹ́ẹ̀kejì kó tó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ti pa rẹ́ ló tún ń gbìyànjú láti pa rẹ́, ó sì fi ti àárín sílẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Inú àkójọ ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tuntun Ciro yóò ti máa ka ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́. Àwọn aláìsàn yóò gba ìkéde ọjọ́ tí dókítà kò sí. Gbogbo ènìyàn yóò sọ pé Ciro ló bà á jẹ́.

Ó wo apá ọ̀dọ̀ Ciro. Ciro ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fẹ̀yìn ti àga bí ẹni pé òun ló ni ilé iṣẹ́.

Kò kọ ohun tó rí sábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, Nélida kò dáhùn. Yamila sàmì sí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlélógóje, ti Nélida wà láàárín wọn, ó kọ ìdí kan náà sábẹ́ gbogbo wọn: “A kò gbọ́ èsì.” Ó sì ti gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan.

“Òótọ́ ni mo kọ,” ló sọ fún mi. “A ò kúkú gbọ́ èsì. Bí mo ṣe ń tan ara mi nìyẹn.”

Ohun tí kò rántí ni pé Ọ̀sẹ̀ Ìrìn-àjò, ọ̀sẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè wa fi ń sinmi, bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́wàá náà. Ta ló ń ka lẹ́tà lọ́sẹ̀ yẹn? Gbogbo ìlú ti lọ sí etíkun, tàbí wọ́n ti gbé ẹran sórí iná.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí a bá tì máa ń ta ẹni tó kọ ọ́ lólobó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti ṣí padà. Àwọn mìíràn bú wa. Nélida kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ pé:

“Ọmọ mi, mo wà lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ mi, mi ò rí ìbéèrè rẹ. Jọ̀ọ́ má tì í. Ọdún mẹ́rin nìyí tí mo fi ń fi ọwọ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kí n lè mọ ẹni tó yẹ kí n pè. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan gun ẹṣin wá láti oko nínú òtútù, kò bá dókítà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹnì kan kà á níkẹyìn.”

Mo rí Yamila bó ṣe ń kà á. Ó bo ẹnu. Ó dìde, ó lọ dúró ní ibi omi, ó padà wá jókòó, ó tún dìde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ Ciro yóò jáde. Ó lọ bá a.

“Ciro, má jẹ́ kí nǹkan rẹ jáde.”

“Kí ló dé? Ṣé òkú kan jí ni?”

“Wo èyí.” Ó sún dókítà náà lẹ́ẹ̀méjì níwájú rẹ̀. Ciro ní kó tún ṣe é. Ó tún ṣe é.

“Ìgbà wo lo rí i?”

“Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá.”

“Ọjọ́ mọ́kànlá? O wá ń wò mí?”

“Mo ń wò ọ́. Mo fẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ciro kò ṣe àwàdà. Ó ní, “Fa àga rẹ wá.” Àwọn méjèèjì ló jọ tún un ṣe. Kí ètò máa mọ ọjọ́ tí aláìsàn wà lọ́wọ́lọ́wọ́ kó tó pa ọjọ́ náà rẹ́, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìlà kóòdù mẹ́fà péré ni. Èmi náà bá wọn sún dókítà lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò bàjẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi ìpàdé, Mabel yin Ciro pé ó rí àlébù náà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde. Ciro ní, “Yamila ló rí i o, kì í ṣe èmi.” Kò sọ ìyókù. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún Yamila, Yamila sì ń wo ilẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ì bá fẹ́ kó tú òun fó ju kó ṣe inúure sí òun lọ. Pé inúure náà tún jẹ́ ohun mìíràn tí Ciro ní tí òun kò ní.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó dúró, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Mabel. Mabel kò pariwo.

“Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Ìwọ nìkan ló lè rí i. Ọdún mẹ́rin, kò sí ẹni tó ronú láti sún un lẹ́ẹ̀kejì. O wá mú un, o bò ó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Lọ ṣí mẹ́tàlélógóje yẹn padà. Dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kó o tó tì í, kó o sì kọ ohun tó o rí. Má ṣe ka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọjọ́ ìdúró.”

Ó gba Yamila ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Méjìlá nínú wọn ló jẹ́ pé ìṣòro náà ṣì wà lóòótọ́. Ó kọ lẹ́tà sí Nélida, ó pè é ní Màámi, ó sọ fún un pé òun ti rí àlébù náà kí òun tó ti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nélida dáhùn ní ìlà kan: ó ní òun kò lo ìwé orúkọ náà mọ́, òun ti fi í fún ọmọ-ọmọ òun kó máa ya àwòrán sí i.

Nígbà tí ọdún parí, Ciro ni wọ́n sọ di ọ̀gá kékeré. Èmi àti Yamila jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì ti kọjá ọgbà Parque Rodó.

“Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?” ni mo bi í.

“Ó ń dùn mí gan-an, Wilmar. Ó ń ṣe mí bíi kí n yọ ọ́ lórí àga yẹn.” Ó wo ojú fèrèsé. “Mo ka kóòdù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rí àṣìṣe kan.”

“Kí lo wá ṣe?”

“Mo kọ tíkẹ́ẹ̀tì,” ló wí. “Mo sì fi orúkọ mi sí i.”