Báàtì Kan fún Ìbejì

Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni l'Ẹ́dẹ, họ́ọ̀lù wa kì í ṣe ilé eré rárá. Ibẹ̀ la ti ń ṣe ìpàdé àárọ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣe ìdánwò, ibẹ̀ náà la sì ń kó àga tó bá kán sí. Nígbà tí wọ́n fi tẹ́bù tẹ́nìsì kún iṣẹ́ mi, tábìlì kan àti báàtì méjì péré ni mo bá níbẹ̀, kíláàsì méjì ni wọ́n sì ń dà lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ń bẹ lójú fèrèsé, ọmọ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bínú títí, àmọ́ ìbínú kò kúkú lè di báàtì.

Mo pín họ́ọ̀lù náà sí ojúkò mẹ́rin. Ní ìkíní, wọ́n á máa ta bọ́ọ̀lù sókè lórí pátákó pẹlẹbẹ tí káfíńtà gé fún wa. Ní ìkejì, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń ju apá: orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, apá á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, á sì parí níwájú ojú. Ní ìkẹta, wọ́n á fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Tábìlì ni ìkẹrin, ibẹ̀ nìkan ni báàtì gidi wà. Tí mo bá fọn fèrè, kálukú á ṣí lọ sí ojúkò tó kàn. Nídìí tábìlì, báàtì kan ni fún ọmọ méjì. Ẹnì kan á máa fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí wọn láti òdìkejì. Ẹni tó bá ti lu ọ̀kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á na báàtì sí ìkejì rẹ̀. Báyìí ni gbogbo wọn fi ń fọwọ́ kan báàtì kí agogo tó lù.

Ìbejì kan wà láàárín wọn, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀ sídìí báàtì kan. Mo rò pé kò sí ẹni tó lè mọ àjọlò jù wọ́n lọ. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé nínú wọn lẹ́bùn eré náà púpọ̀. Ìyá wọn ní ó máa ń fi ọmọrí ìkòkò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé títí ara ilé á fi kígbe mọ́ ọn. Kò fẹ́ ohun méjì ju pé kí wọ́n mú òun wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀.

Nígbà tí ìdíje dé, tí wọ́n ní àwọn tó bá yege ni wọn yóò mú, òun ni mo yàn. Ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, wá bá mi nílé ìwé.

“Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an,” ó ní. “Ṣùgbọ́n n kì í ránṣọ fún ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Bí ẹ ò bá lè mú àwọn méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.”

Mi ò bá Ìyá Ìbejì jiyàn. Mo ní kò burú, wọn yóò jọ gbá eré ẹlẹ́ni méjì, kálukú pẹ̀lú báàtì tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Mo fi kọ́ wọn ní òfin rẹ̀, pé wọn yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, bí ọ̀kan bá gbá a, kí ó yà fún èkejì.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọmọ tó kọ́kọ́ wáyé yìí lu bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dáadáa, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì na báàtì rẹ̀ sí èkejì. Èkejì náà, pẹ̀lú báàtì tirẹ̀ lọ́wọ́, na ọwọ́ láti gbà á. Bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo pè wọ́n, mo rán wọn létí. Wọ́n dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Àmọ́ bí eré bá ti gbóná, ọwọ́ á tún nà. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ara wọn, ọjọ́ díẹ̀ kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìfigagbága àkọ́kọ́. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ìdíje mìíràn súnmọ́, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ wá. Ó ní òun ti rò ó, kí n mú ọ̀kan lọ tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dára. Inú mi dùn, mo sáré pe èyí tó kọ́kọ́ wáyé. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Ẹ mú ẹni tó dá wá sáyé.”

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ọmọ mìíràn ni mo mú lọ, ó sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n tó ọmọ ìbejì yẹn.