Owó Àjọ Tí Asisat Jowú

Ojú Asisat kì í ṣe ojú lásán. Ẹ bu ẹran fún orogún ẹ̀, ó ti mọ iye eegun tó wà níbẹ̀ kí abọ́ tó kanlẹ̀. Ọjọ́ tí Gàníyù mú un wọlé ni mo ti sọ fún un pé, "Obìnrin yìí á ka irun orí ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wò ó báyìí, kodoro ló ń fá orí.

Gàníyù yìí, Abdulganiyu lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ àbúrò mi ni. Pákó ló ń tà níbí, ní Òmù-Àrán. Àbúrò mi ti kú, èmi ló kù tí mò ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wo àwọn ìyàwó ẹ̀. Méjì ni wọ́n. Fàsílátù, Ìyá Mubashir, ni ìyáálé, gàrí àti epo pupa ló ń tà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbé ọjà kan. Asisat, Ìyá Hafeezat, ni ìyàwó, ọ́fíìsì ló wà, ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó ní iléèwé aládàáni kan. Owó olówó ló ń kà láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdeè. Tó bá dé ilé, tí kò rí owó kà mọ́, á máa ka ti orogún ẹ̀.

"Màmá, ẹ ò rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ Ìyá Mubashir?"

"Mo rí i."

"Ta ló rà á fún un?"

"Ẹni tó ta bàtà ni kó o bi."

Bó ṣe rí nìyẹn. Fàsílátù náà ò sì lárùn ẹnu dídì. Tí Asisat bá ti wọ aṣọ ọ́fíìsì jáde láàárọ̀, á ní, "Ìyàwó, má jẹ́ kí owó olówó fọ́ ẹ lójú o." Asisat á dáhùn pé, "Ìyáálé mi, èéfín gàrí ti fọ́ tiyín tán, ẹ fi tèmi sílẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín tó le bí èkùrọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń so wọ́n pọ̀: àjọ. Fàsílátù ló ń gba àjọ àwọn obìnrin méjìlá kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ẹgbẹ̀rún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, Fàsílátù á kó gbogbo ẹ̀ jọ, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Òun fúnra ẹ̀ kì í dá níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò jẹ níbẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ á mọ́ jù. Asisat wà lára àwọn méjìlá náà. Kò fẹ́ràn Fàsílátù, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì tó lè fọkàn tán pẹ̀lú owó. Lọ́dún tó kọjá ó gba tiẹ̀ lóṣù kẹjọ, ó fi ra fíríìjì. Fíríìjì náà ń dún ní yàrá ẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé iléèwé onílé gbígbé kan ń wá ẹni tí yóò máa kó gàrí àti epo fún àwọn ọmọ wọn. Fàsílátù fẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni fẹ́ ojú ẹ̀. Kò ní máa gun mọ́tò lọ ọjà Òkè-Ọdẹ mọ́ nígbà òjò tí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá, ó pẹ́ jù Fúráìdeè. Kí ìjọba tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù ohun tó pa wọlé lọ́dún tó kọjá. Fàsílátù ò kàwé. Ó kó ìwé tí báńkì tẹ̀ fún un lọ bá Caroline tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú títì. Caroline kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kò tíì fi ránṣẹ́, ó ya àwòrán fọ́ọ̀mù náà, ó sì fi sórí fóònù Gàníyù pé kí ọkọ bá a wò ó bóyá ó dáa.

Gàníyù ò sí nílé. Fóònù ẹ̀ wà ní yàrá Asisat, ó ń gba iná.

Mo wà níta, mò ń bó ẹ̀gúsí, mo gbọ́ igbe. Mo rò pé àkekèé ni. Asisat jáde, fóònù lọ́wọ́.

"Màmá! Mílíọ̀nù márùn-ún!"

"Ta ló sọ ọ́ nù?"

"Kò sọnù! Ọwọ́ Ìyá Mubashir ló wà! Èrè ọdún kan! Èmi ń jí láago márùn-ún, mò ń lọ ọ́fíìsì, n ò rí ìlàjì ẹ̀. Òun tó ń tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ wa!"

Kí Gàníyù tó dé, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Nígbà tó dé, tó wo fóònù náà, ojú ẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin ẹ máa ń rò pé obìnrin nìkan ló ń jowú. Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ lówó jù ú lọ, ẹ má fi ṣeré. Ó ní, "Fàsílátù, èmi ń rẹ́ pákó, ekuru ń pa mí, ìwọ wá ń sùn lórí mílíọ̀nù márùn-ún bí ẹní?"

Fàsílátù bú sẹ́kún. "Wáláhí, n ò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí! Tí wọ́n bá gba owó orí lórí ìyẹn, ṣé kí n ta ara mi ni?"

"Irọ́ ni," Asisat wí. "Ẹ mú ìwé báńkì yẹn wá. Màá fi hàn yín níkọ̀ọ̀kan, lójú Màmá, lójú ọkọ wa."

Èrò ọkàn ẹ̀ ni pé òun á tú u síhòòhò. Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹ̀ ti ń dán.

Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé fóònù sórí itan kan, ìwé báńkì sórí èkejì. Ó kọ́kọ́ ka ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù: owó ọjà tí wọ́n tà, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀. Owó tí wọ́n fi ra ọjà pẹ̀lú owó mọ́tò, mẹ́rin ààbọ̀. Èrè, márùn-ún. Owó ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ayálégbé, òdo.

"Ìṣirò yẹn dọ́gba," ó ní. Ó fa ojú ro. "Ṣùgbọ́n ìyáálé mi, ẹ ra ọjà ní mẹ́rin ààbọ̀, ẹ tà á ní mẹ́sàn-án ààbọ̀? Kí lẹ ń tà, wúrà?"

"Ṣé gàrí tèmi ń bímọ ni?" Fàsílátù nu imú. "Èlé ọgọ́rùn-ún náírà lórí báàfù, àwọn oníbàárà ṣì ń gé e."

Asisat bẹ̀rẹ̀ sí fi bírò máàkì ìwé báńkì náà, owó tó wọlé níkọ̀ọ̀kan. Èyí ti oníbàárà gàrí, ó fà á. Èyí ti epo, ó fà á. Owó kéèṣì tí Fàsílátù gbà lọ́jà, tó sì fi sí báńkì lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, ó fà á. Àwọn kan wà tí kò mọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún jáde.

Ó tún un kà.

Ó ṣí ewé tó kàn. Ó tún rí i bẹ́ẹ̀. Ó ń wá orúkọ àwọn tó ń fowó ránṣẹ́, bírò ẹ̀ sì dúró lójú kan.

"Kí lo rí?" mo bi í.

Ó ń yí ewé síwá sẹ́yìn.

"Asisat, kí lo rí? Ìwọ lo ní o máa kà á lójú mi. Ojú mi ṣì wà níbí."

Ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan. "Orúkọ mi ni."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Owó àjọ ni! Caroline kàn ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, ó kọ ọ́ pé owó ọjà ni. Èyí tó jáde padà fún àwọn olówó, kò kà á, torí àwọn tó ta gàrí fún Fàsílátù nìkan ló ń wá. Mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún, owó àwọn obìnrin méjìlá. Asisat ti jowú fíríìjì ara ẹ̀.

Ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí i tó wo Fàsílátù, mo rí i tó wo ìwé. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló lè ka nǹkan yẹn. Ká ní ó pa ẹnu ẹ̀ dé ni, Fàsílátù ì bá san owó orí lórí owó tí kì í ṣe tiẹ̀, tàbí kí ó sá fún fọ́ọ̀mù náà kí iṣẹ́ iléèwé sì bọ́. Mo mọ̀ pé ó wù ú. Bí eegun ṣe ń wu ajá ni.

Ó ní, "Kì í ṣe èrè. Àjọ ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín ẹ̀. Ṣùgbọ́n bírò ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. "Mo ti yọ ọ́ kúrò, ó ṣì ku ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún kan tí n ò mọ ìdí ẹ̀. Bùkárì, oṣù kìíní. Bùkárì afẹ́táyà? Bùkárì ò ra gàrí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Kí ló san?"

Gàníyù dìde pé òun fẹ́ lọ wo pákó.

"Jókòó," mo wí.

Fàsílátù nu ojú ẹ̀ gbẹ. "Owó ilé ló san. Ṣọ́ọ̀bù tí Bùkárì wà lẹ́bàá títì, tèmi ni."

"Ta ló fún yín?"

"Ọkọ wa."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbé ẹ wọlé." Ohùn ẹ̀ rọ̀, ó sì mú bí abẹ. "Ṣé o ò mọ̀ pé tí ọkùnrin bá fẹ́ ìyàwó tuntun, ó ní láti tu ìyáálé nínú? Ìwọ ni mo fi gbà á, Ìyá Hafeezat. Gbogbo ọdún tí Bùkárì bá ń sanwó, ìwọ ni mò ń rántí."

Asisat gbé orí sókè. Ó wo Gàníyù. Gàníyù ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Asisat tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, ó ń tẹ bírò mọ́lẹ̀ débi pé ìwé fẹ́ ya. "Owó ọjà, mílíọ̀nù mẹ́fà ó dín igba ẹgbẹ̀rún. Ẹ yọ mẹ́rin ààbọ̀ tẹ́ ẹ fi ra ọjà. Èrè, mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Owó ilé tí wọ́n kọ òdo sí, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi í pamọ́, èmi ló máa kọ́kọ́ sọ."

"Mo mọ̀," Fàsílátù wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ kó o kà á."

Caroline tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má bínú, ó yẹ kí òun bèèrè. Fàsílátù rí ìwé ẹ̀rí gbà lọ́jọ́bọ̀, iléèwé sì fún un níṣẹ́. Gàníyù náà ti ń kó búlọ́ọ̀kù jọ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù míì lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Bùkárì, kò sì sí ẹni tó bi í pé ti ta ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Asisat ń yà síbẹ̀, ó ń kà wọ́n.

Kò fi àjọ sílẹ̀ o. Ó ṣì ń dá a. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tó bá fi owó ránṣẹ́, ibì kan wà lórí fóònù tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún. Ó máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, á sì kà á sókè kí gbogbo agbo ilé gbọ́: "Àjọ Asisat. Kì í ṣe ti Ìyá Mubashir."