Ìkéde Kan fún Báǹkì àti Ilé-Ìwé

Jẹ́jẹ́ là ń pè é lágbàlá wa. Èmi ni mo fún un lórúkọ ìnagijẹ náà, torí pé kò sí ohun tó ń ṣe tí ariwo ń bẹ nínú rẹ̀. Bó bá ti ìlẹ̀kùn, o ò ní gbọ́. Bó bá gbé ìkòkò sílẹ̀, wàá rò pé ọmọ tuntun ló ń tẹ́ sórí ẹní. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé olè tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó wá. Á kàn rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó sọ fún mi pé ilé ọkọ lòun ti kọ́ ọ, pé nínú ilé yẹn, ìlẹ̀kùn tó bá dún lásán lè di ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ látọjọ́ náà.

Télọ̀ ni mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́, kó lọ gbalé sí itẹ́ òkú. Yàrá èmi àti ti Jẹ́jẹ́ fara ti ara wọn. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló kó wá láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ọmọ náà ò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara. Kóòtù ti tú ìgbéyàwó náà ká, wọ́n sì ti gbé ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde ní kóòtù ni ọkùnrin náà sọ ọ́ sí i létí pé kò síbi tó lè lọ tí òun ò ní rí i. Awakọ̀ tírélà ni. Ìlú wo ni tírélà kì í dé? Ìdí nìyẹn tí Jẹ́jẹ́ kò fi sọ ibi tó wà fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyá rẹ̀ nìkan.

Ó ríṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ tó wà nínú ilé ìwòsàn, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ pátápátá ni wàhálà dé. Ìwé ẹ̀rí tó gbà níléèwé, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ àti àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì, orúkọ ọkọ àná ni. Ọ̀gá tó ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ní lójú tòun, ènìyàn méjì ni wọ́n, òun ò sì lè san owó oṣù ẹnì kan sí àkáǹtì ẹlòmíràn. Ó ní kó lọ yan ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi," Jẹ́jẹ́ wí fún mi. "Orúkọ yẹn ti sú mi. Bí wọ́n bá pè é ní báǹkì, ṣe ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù. Ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé lábẹ́ agbòjò ló bá wa tẹ ìwé ìbúra: pé báyìí ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, pé báyìí ló fẹ́ máa jẹ́, pé ẹnì kan náà ni. Wọ́n lẹ fọ́tò pélébé rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá tó ń gba ìbúra ní kó búra, ó búra. Ó buwọ́ lù ú, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Mo ní, "Ó tán? Wíwọn ṣòkòtò ẹnì kan máa ń le jù báyìí lọ."

"Kò tíì tán, Mọ́mì," atẹ̀wé wí. "Ìbúra nìyẹn. Ẹ máa gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ojú ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì káàdì ìdánimọ̀. Ìgbà tí orúkọ tuntun bá ti wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ni báǹkì tó lè dá yín lóhùn, torí ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

"Ṣé dandan ni ìwé ìròyìn?" mo bi í.

"Kí gbogbo ayé lè mọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ tuntun sá fún ẹni tó ń wá a."

Mo wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ń wo bàtà rẹ̀.

A yà ní báǹkì. Arákùnrin kan tí táì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa ló sọ fún wa pé ìkéde tó kàn ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, àwọn kì í gbà á. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ báǹkì àwọn, kó dárúkọ ẹ̀ka. Akọ̀wé ilé-ìwé ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ní orúkọ ọmọ ò kàn wọ́n, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Orúkọ òbí tó wà nínú fáìlì ọmọ làwọn máa yí, ìkéde náà sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-ìwé àwọn. Jẹ́jẹ́ wá rò ó pé dípò kí òun sanwó ìkéde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òun kúkú kó báǹkì àti ilé-ìwé sínú ẹyọ kan. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná kì í wò ju owó lọ.

Ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, ó di bírò mú lórí fọ́ọ̀mù títí. "Ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ tírélà kì í ka ìwé ìròyìn," ó wí, bíi pé èmi ni mo bi í. "Ojú ewé ìkéde kẹ̀. Ta ló ń kà á?" Ó kọ ọ́ tán, ó sanwó.

Ọjọ́ tó jáde, èmi ni mo kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mò ń jẹ́ báyìí tẹ́lẹ̀, láti òní lọ, báyìí ni kí wọ́n máa pè mí. Gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí báǹkì báyìí, ẹ̀ka báyìí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí àti gbogbo ènìyàn kíyè sí i. Bí mo ṣe ka orúkọ ilé-ìwé yẹn, mo ká ìwé ìròyìn náà pọ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní í ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu báyìí, àwa náà la sì sanwó fún un kó lanu.

Ọ́fíìsì káàdì ìdánimọ̀ gba ìwé náà, wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kó máa retí. Kí orúkọ tuntun tó jáde, arákùnrin onítáì ti pè é láti báǹkì. Ó ní ẹnì kan pe àwọn lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá àwọn ti yí orúkọ Jẹ́jẹ́. Ẹni náà ní òun ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Onítáì ní àwọn ò dá a lóhùn, pé kí Jẹ́jẹ́ má fòyà.

"Ọkùnrin ni?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ọkùnrin ni, mà."

Obìnrin ni ọ̀gá Jẹ́jẹ́ níbi iṣẹ́.

A sáré lọ sí ilé-ìwé. Akọ̀wé ní òótọ́ ni, ọkùnrin kan yà síbẹ̀, ó kí òun dáadáa, ó béèrè ìgbà tí àwọn ọmọ ń jáde. "Ó sáà wà lára pátákó ìta," ó ní. Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Mo ní kó ṣáà má fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni yòówù tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ tàbí èmi. Ó ní òfin àwọn ni pé orúkọ òbí tó wà nínú fáìlì làwọn ń wò pẹ̀lú káàdì. Orúkọ wo ló wà nínú fáìlì? Ti àná. Orúkọ tí ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ́. Jẹ́jẹ́ kó ìwé ìdájọ́ kóòtù lé e lọ́wọ́, ó ní kó jọ̀wọ́, kó yí i lónìí. Akọ̀wé gba ìwé ìdájọ́, ó fi há inú fáìlì, ṣùgbọ́n ó ní yíyí orúkọ di ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá sì ti lọ sí ìpàdé. Ti àgọ́ ọlọ́pàá tiẹ̀ tún burú jù. Wọ́n bi wá pé ṣé ó ti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. A ní rárá. Wọ́n ní bó bá ti fọwọ́ kan ènìyàn, ká padà wá.

Látìgbà náà, Jẹ́jẹ́ ló ń mú ọmọ lọ, èmi ni mò ń lọ mú un bọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Ọkọ̀ ńlá tó bá fun fèrè lójú títì, ṣe ni èmi náà máa ń gún ara mi lábẹ́rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń múra àtilọ mú ọmọ nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbá gbà-á. Jẹ́jẹ́ ni. Ó na fóònù sí mi lójú. Káàdì ìdánimọ̀ ti jáde, báǹkì náà ti yí i. Owó oṣù ti wọlé, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà níwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé eyín rẹ̀ tó kán lápá ẹ̀yìn hàn, mi ò rí i rí. Mo ní, "O gbá ìlẹ̀kùn." Ó ní, "Mo gbá a, Ẹ̀gbọ́n."

Ayọ̀ yẹn dá wa dúró díẹ̀. Ká tó jáde, ọmọ ti wọlé fúnra rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ilé kejì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì náà wà nínú bébà.

"Ta ló fún ẹ?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Bàbá kan ní géètì. Ó mọ̀ yín. Ó ní kí n kí yín, pé orúkọ tuntun yẹn bá yín mu. Ó ní kẹ́ ẹ má sáré, pé òun ṣì ń bọ̀."

Mo já bébà náà gbà. Ojú ewé ìkéde ni, bọ́tà ti rin ín. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà yí orúkọ ilé-ìwé ká.

Jẹ́jẹ́ ò sunkún. Ó nu ọwọ́ ọmọ, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní kó lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Mo sáré lọ ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ wa. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mi ò sì gbọ́ ìlẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà wá. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń pè mí ní Mọ́mì, ó dárúkọ tuntun Jẹ́jẹ́ láìṣì í. Mo di sísọ́ọ̀sì aṣọ mi mú, mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò burú, pé òun ò kánjú. Akọ̀wé ilé-ìwé náà wá lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní kí n bá àwọn sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ọ̀gá ti buwọ́ lù ú, orúkọ tuntun ti wà nínú fáìlì.

Ó pẹ́ kí fóònù mi tó dún. Ohùn Jẹ́jẹ́ rèé, kò sọ ibi tó wà, èmi náà ò bi í. Ó ní ara ọmọ le. Ó ní òun ti rí iṣẹ́, pé òun fẹ́ gba orúkọ tí ọkùnrin yẹn ò gbọ́ rí, orúkọ ìyá ìyá òun. Ó ní òun ti lọ sí kóòtù ibẹ̀, òun ti búra.

Mo ní, "O ṣe é dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ní kí n lọ gbé e sínú ìwé ìròyìn."