Wétà Tí Mo Pè Tí Kò Dá Mi Lóhùn

Ẹ bá mi kí ara mi kú iṣẹ́: tísà Gẹ̀ẹ́sì, díákónì, ọ̀mọ̀wé pàtàkì nílùú Ìkéré. Nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, báírò pupa mi sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ sunkún nítorí sípẹ́lì. Ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì tó báyìí, ṣé Jámánì ni yóò wá dà á láàmú? Ṣebí òyìnbó kan náà ni gbogbo wọn.

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ ní Jámánì lọ́hùn-ún, èmi ni mo sì mú yèyé wa lọ. Yèyé kò kàwé. Èdè Ìkéré pọ́ńbélé ló ń sọ. "Ulé" ni ilé lẹ́nu rẹ̀, "uṣu" ni iṣu. Ó ní àtọ̀gbẹ. Bí ọkọ̀ ojú irin wa ṣe ń wọ ìlú tí a ó ti wọ òmíràn ni mo sọ fún un pé, "Yèyé, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín, oúnjẹ ti dé tán." Ó gbà á. Abẹ́rẹ́ náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí oúnjẹ kò bá tètè tẹ̀ lé e, ṣúgà ara á já wálẹ̀, èèyàn á dákú.

Ilé oúnjẹ kan wà ní ibùdókọ̀ náà. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ga bí ilẹ̀kùn, tí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ fún. Ó dáa.

Mo fọwọ́ kan án. Àwòrán méjì yọ, abọ́ lórí tábìlì àti àpò. Mo tẹ abọ́. Mo tẹ adìyẹ, mo tẹ mínírà. Nísàlẹ̀, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n kọ WEITER sí. Mo rẹ́rìn-ín. Wétà ni wọ́n fẹ́ kọ, wọn ò mọ sípẹ́lì! Mo tẹ̀ ẹ́ kí wétà wá, mo sì yíjú wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó wá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo fi ìbínú kún un. Ojú gíláàsì ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, èmi kò bìkítà, wétà ni mò ń wá.

Ó wá ku bọ́tìnnì méjì: BAR àti KARTE. Háà! Kí díákónì mú ìyá rẹ̀ wọ báà, lójú Ọlọ́run? Mo tẹ KARTE. Iná tàn lára ẹ̀rọ kékeré kan nísàlẹ̀, tó ń retí káàdì tí n kò ní. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà wálẹ̀ lójú gíláàsì, nígbà tó sì dé òdo, gbogbo oúnjẹ wa pòórá. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún pòórá.

"Tísà," ni yèyé wí, "ebi ń pa mí."

"Ẹ ní sùúrù, yèyé. Sípẹ́lì wọn ni kò dáa."

"Mi ò ní kí o fún mi ní sípẹ́lì jẹ."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi orúkọ bàbá mi pè mí, bàbá mi tó ti kú. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ìka mi tún ń lọ sórí KARTE nígbà tí yèyé ti ọwọ́ mi dànù.

"Owó kọ́ ni wọ́n yà síbẹ̀ un? Ùwé rẹ ti pọ̀ jù!"

Lóòótọ́, àwòrán owó ẹyọ àti owó bébà wà lábẹ́ BAR. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wà, èmi kì í wo àwòrán, àwọn tí kò kàwé ló ń wo àwòrán. Yèyé tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ pọ bébà kékeré kan jáde tó ní nọ́ńbà lára, mo sáré gbé e lọ sí káńtà, mo kówó sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn wo ojú yèyé, kò dúró kí nọ́ńbà wa yọ lára ògiri bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti délẹ̀, ó gbé mínírà náà fún un kíá. Nígbà tí adìyẹ fi dé, yèyé ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni ọkọ òun.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní báà wọn ni owó ọwọ́, wétà wọn ni "tẹ̀síwájú", àti pé àsíá kékeré kan wà nísàlẹ̀ gíláàsì: bí n bá ti tẹ̀ ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ìbá máa kọ fún mi. Mo rí àsíá náà. Mo rò pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.

Nígbà tí a padà dé, yèyé jáde ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọlọ́run yọ mí lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ," ló wí, "ó yọ mí lọ́wọ́ ebi, ó sì yọ mí lọ́wọ́ tísà."

Gbogbo ìjọ ní "Àmín." Èmi náà ṣe é, láti orí bẹ́ǹṣì àwọn díákónì.