Ọjọ́ Tí Ìfúnpá Màmá Aránṣọ Wálẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ẹ lọ wo Bàbá Gééjì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ omi, níbi tí wọ́n ti ń ti omi gba inú páìpù lọ sílé oníkálukú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo àwọn gééjì ara ògiri tó ń sọ bí agbára omi ṣe tó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó tún padà wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn, kó lọ jókòó ti irin fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó má sùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ iṣẹ́ yìí tẹ̀ lé e wálé, ìyàwó rẹ̀ gan-an kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Màmá Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, ò jọ ọ́ níbì kankan. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ yìí náà ló ba orúnkún ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ fún un? Àbíkẹ́yìn wọn lóyún, ó ń gbé níbi tí mọ́tò ń fi odindi ọjọ́ kan rìn dé, ìyá sì ti búra pé ọwọ́ òun ni ọmọ náà máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ó ti rán aṣọ ọmọ méjìlá. Nọ́ọ̀sì kílíníìkì ló dá sí i. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ga jù, ó fún un ní oògùn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wálẹ̀ kí wọ́n tó rin ọ̀nà jíjìn.

Ìyẹn ló gbé ẹ̀rọ ìfúnpá wọ ilé wọn. Láràárọ̀, Màmá á jókòó fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì. Bàbá Gééjì á ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ìyà ńlá sì nìyẹn fún Màmá. Lẹ́yìn náà ni yóò wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń gbé jáde. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìfúnpá, ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ ń sọ iye ìgbà tí ọkàn lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá ń kọ, ó fi rúlà fa ìlà sáàárín wọn. Méjì tòkè nìkan ni Màmá ń kà. Ó ní ti ìsàlẹ̀ yẹn, òun mọ̀ pé ọkàn òun ń lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló ń bá Bàbá sọ̀rọ̀?

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, 148 lórí 88 ni, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ọkàn á sì lù bí ìgbà méjìléláàádọ́rin. Inú Màmá ò dùn. Ó wá di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ ní 132 lórí 80. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 118 lórí 74. Màmá ké sí aládùúgbò láti ojú fèrèsé pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, 102 lórí 64.

"Ẹ ò rí i bí!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Ó ti wálẹ̀! Lọ́la ni mò ń lọ."

Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni Bàbá Gééjì ń wò: 116. Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Méjìléláàádọ́rin, lẹ́yìn náà 88, lẹ́yìn náà 101. Bí ìfúnpá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń sáré gòkè. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan, ó ní kí ìyàwó òun tún sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò ṣeé gbára lé. Ìkejì jáde: 100 lórí 66, ọkàn 118.

Nílé ẹ̀rọ omi, bí agbára omi inú páìpù bá ń wálẹ̀ tí ẹ̀rọ sì ń sáré sí i, kò sẹ́ni tó ń yọ̀. Omi ń dà nù níbì kan nìyẹn.

"O ò ní lọ lọ́la," Bàbá ní.

"Kí lẹ wí?"

"Ọkàn rẹ ń sáré jù."

"Ayọ̀ ni, Bàbá Gééjì! Ọmọ mi fẹ́ bímọ, ẹ fẹ́ kó máa rọra lù ni?"

"Tó bá jẹ́ ayọ̀ ni, ìfúnpá ò ní máa sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Ṣé ó ń rẹ̀ ọ́?"

Màmá fẹ́ dáhùn pé rárá, ó sì dìde láti fi hàn án. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó di tábìlì mú, òógùn tútù bò ó. Ó rọra padà jókòó.

Bàbá pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó sì ka ìwé rẹ̀ fún un láti ọjọ́ Ajé, mẹ́ta mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kó kà á tán.

"Bàbá, ẹ bi Màmá bóyá ìgbẹ́ wọn dúdú."

Ojú ti Màmá. Ó wolẹ̀. "Ó dúdú bí ọ̀dà. Láti ọjọ́ Àìkú. Mo rò pé oúnjẹ ni."

"Oògùn wo ni wọ́n ń lò yàtọ̀ sí ti ìfúnpá?"

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Màmá tọ́ka sí àpótí òwú. Oògùn ìrora orúnkún wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lè parí aṣọ ọmọ. Nígbà mìíràn kì í jẹun kó tó lò ó.

"Kí wọ́n má lo ìkankan mọ́, àti ti ìfúnpá ti àárọ̀ yìí náà," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá báyìí báyìí. Ẹ má dúró jẹun."

Kò sí ariwo. Aládùúgbò gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n tẹ́ Màmá sí ìjókòó ẹ̀yìn. Nílé ìwòsàn, wọ́n bá egbò tí oògùn orúnkún dá sínú ikùn rẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n sì fún un ní àpò ẹ̀jẹ̀ méjì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ti dín kù ni kò jẹ́ kí ìfúnpá ròkè mọ́, ọkàn wá ń sáré kí ìwọ̀nba tó kù lè yí ara ká. Ó ní ẹni tó bá wo nọ́ńbà òkè nìkan yóò kí aláìsàn kú oríire. Nígbà tó gbọ́ ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan, ó mi orí.

Ọjọ́ kẹta, àbíkẹ́yìn wọn bímọ. Orí ibùsùn ni Màmá ti gbọ́ igbe ọmọ náà lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ títí tí fóònù fi kú, ó sì sunkún, nítorí ọwọ́ ẹlòmíì ló bọ́ sí.

"Ẹ ti ba ìrìn àjò mi jẹ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí," Bàbá Gééjì ní. "Nígbà tí mò ń ka ìwé yẹn fún nọ́ọ̀sì, mi ò rí ohun tí mò ń kà mọ́. Mò ń rò ó pé ta ni mo fẹ́ máa bá gbé?"

Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò sọ irú rẹ̀ fún un rí. Màmá Aránṣọ sún mọ́ ara ògiri, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí ibùsùn, Bàbá sì jókòó tì í.